Iná Ítánẹ́ẹ̀tì Kọ̀, Kò Tàn Lẹ́yìn Tí A Kó Ọ́fíìsì

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ọ́fíìsì wa lọ sí ilé mìíràn ni. Kọ̀ǹpútà mẹ́sàn-án ló bọ́ sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì láìsí ìjàngbọ̀n, ẹyọ kan péré ló kọ̀. Iná kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò Ítánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìyẹn ihò tí kébù nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wọ̀, kò tàn rárá. Mo ti pa á, mo ti tún un tàn, mo ti tún gbogbo ètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, pàbó ló já sí. Kébù tí mo fi sí i, òun náà la ń lò ní ọ́fíìsì àtijọ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa níbẹ̀. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?*

Àbúrò, kú wàhálà. Fi ètò kọ̀ǹpútà yẹn sílẹ̀ ná. Iná tí ò ń wò yẹn kò mọ àdírẹ́sì, kò mọ ọ̀rọ̀ aṣínà, kò sì kàn án bóyá íńtánẹ́ẹ̀tì wà tàbí kò sí. Káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú kọ̀ǹpútà máa ń ta àmì kéékèèké sínú wáyà, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Súwíìṣì, ìyẹn àpótí tó so gbogbo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì pọ̀, tó wà ní òdìkejì náà ń ta tirẹ̀ wá. Ìgbà tí àwọn méjèèjì bá gbọ́ ara wọn, tí wọ́n sì fẹnu kò lórí bí wọ́n ṣe máa yára tó, ni iná á tó tàn. Bí ọ̀kan bá dákẹ́, tàbí tí ọ̀nà tó wà láàárín wọn bá já níbì kan, òkùnkùn ni wàá máa wò títí.

Nítorí náà, ọ̀nà yẹn gan-an ni ká jọ tọ̀. Láti ihò kọ̀ǹpútà, kébù kúkurú kan lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri. Láti ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì, wáyà gba inú ògiri tàbí orí àjà lọ sí yàrá tí ráàkì, ìyẹn férémù irin tí wọ́n ń to ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí, wà, ó sì parí sí ẹ̀yìn páàṣì pánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn pátákó onírin tó ní ihò mẹ́rìnlélógún tàbí méjìdínláàádọ́ta lójú. Láti iwájú pánẹ́ẹ̀lì yẹn, kébù kúkurú kejì ló máa wá wọ pọ́ọ̀tù súwíìṣì, ìyẹn ihò ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ nípa kébù kejì yìí rárá. Wọ́n rò pé bí ihò bá ti wà lára ògiri, iná nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti wà nínú rẹ̀, bíi ti iná mànàmáná. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni kò so mọ́ súwíìṣì nínú ráàkì, ihò lásán ni.

Kí o tó dìde, wo nǹkan méjì, wọn ò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Àkọ́kọ́, àwọn kọ̀ǹpútà kan wà, pàápàá àwọn alágbèéká, tí ihò Ítánẹ́ẹ̀tì wọn kò ní iná rárá. Wo ọ̀kan tó jọ ọ́ nínú àwọn mẹ́sàn-án yòókù bóyá tirẹ̀ ń tàn. Ìkejì, káàdì lè wà ní pípa látinú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, èyí sì wà lára ohun tí ètò kọ̀ǹpútà lè fà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lórí Wíńdòsì, ṣí PowerShell, kí o tẹ èyí:

```
Get-NetAdapter
```

Bí ó bá kọ `Disabled` síwájú káàdì náà, tàn án padà, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Bí ó bá kọ `Disconnected`, káàdì wà lójúfò, ó ń kan ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi gbogbo ẹnu sọ pé `Disconnected` lo máa rí.

Wàyí o, kébù. Má kàn lọ fa òmíràn yọ nínú páálí ẹrù tí ẹ kó dé. Kébù tí o kò rí i kó ṣiṣẹ́ lónìí, nínú ilé yìí, kò lè jẹ́rìí fún ọ. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń lọ sí tábìlì ẹni tó sún mọ́ mi jù lọ tí iná tirẹ̀ ń tàn, mo máa tọrọ àyè ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́wọ́ rẹ̀. Gbé kọ̀ǹpútà tó ń yọ ọ́ lẹ́nu lọ síbẹ̀, kí o ki kébù onítọ̀hún bọ̀ ọ́ láìfọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn. Bí iná bá tàn, kọ̀ǹpútà rẹ ti bọ́ nínú ẹ̀sùn. Bí kò bá tàn níbẹ̀ náà, káàdì tàbí ihò kọ̀ǹpútà ló bàjẹ́, kí o sì má wulẹ̀ yọ ara rẹ lẹ́nu dé ráàkì. Lẹ́yìn náà, mú kébù ẹni yẹn wá sí tábìlì tìrẹ, fi í rọ́pò kébù tìrẹ, kí o fi gbogbo nǹkan yòókù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Bí iná bá tàn, kébù rẹ ni ọ̀daràn. Bí kò bá tàn, a jẹ́ pé ó kù láti sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ.

Kíyè sí i pé ohun kan ṣoṣo ni mo ń pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá pààrọ̀ kébù, tó tún pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì pa pọ̀, tí iná sì tàn, kò tíì mọ ohun tó ṣe é. Ọ̀la ni wàá tún bá a níbẹ̀.

O sọ pé kébù yẹn ṣiṣẹ́ dáadáa ní ọ́fíìsì àtijọ́. Mo gbà ọ́ gbọ́, síbẹ̀ mi ò ní torí ìyẹn dá a sílẹ̀, ìdí méjì ni. Ìdí àkọ́kọ́ rọrùn: ìkẹ́rù máa ń ba kébù jẹ́. Wọ́n á fà á yọ nípa ọrùn, wọ́n á ká a mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, táyà àga á gùn ún. Ahọ́n oníke tó ń di orí kébù mú nínú ihò á ṣẹ́, orí náà á máa yọ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Gbé orí kébù sójú ìmọ́lẹ̀. Wàá rí bàbà pẹlẹbẹ mẹ́jọ tó tò sí iwájú rẹ̀. Gbogbo wọn ló yẹ kó wọlé dọ́gba. Bí ọ̀kan bá yọ sókè ju àwọn yòókù lọ, tàbí tí ó ti dúdú, kò tẹ wáyà abẹ́ rẹ̀ dáadáa nìyẹn.

Ìdí kejì ló fi ara sin jù, ó sì ti da àwọn tó mọṣẹ́ rú. Inú kébù yẹn, wáyà mẹ́jọ ló wà, wọ́n lọ́ wọn ní méjì-méjì, ó di ìbejì mẹ́rin. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń sáré ní mẹ́gábíìtì 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìbejì méjì péré ló ń lò: wáyà ẹsẹ̀ 1 àti 2, àti 3 pẹ̀lú 6. Ìbejì méjì yòókù, 4 pẹ̀lú 5, àti 7 pẹ̀lú 8, ṣófo ni. Ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì onígígábíìtì, ìyẹn 1000, ń lo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wá wo ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Ní ọ́fíìsì àtijọ́, ká ní súwíìṣì oní-100 lẹ ní. Ìbejì 7 àti 8 ti já nínú kébù rẹ láti ọdún mélòó kan, kò sẹ́ni tó mọ̀, nítorí kò sẹ́ni tó ń lò ó. Ilé tuntun ní súwíìṣì onígígábíìtì. Kọ̀ǹpútà àti súwíìṣì kí ara wọn lórí ìbejì méjì àkọ́kọ́, níbi tí wáyà ti pé, àwọn méjèèjì ní àwọn lè sá 1000, wọ́n fẹnu kò. Wọ́n wá gbìyànjú láti fi ìbejì mẹ́rin bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan kò sí. Wọ́n tú ká, wọ́n tún kí ara wọn, wọ́n tún fẹnu kò, wọ́n tún tú ká. Àwọn káàdì kan gbọ́n: lẹ́yìn ìgbà mélòó kan, wọ́n á já ara wọn sí 100, iná á sì tàn. Àwọn mìíràn á máa yí po lójú kan náà títí ilẹ̀ á fi ṣú, ìwọ á sì máa wo òkùnkùn. Ohun tó fi ṣeé ṣe nìyẹn kí kébù kan náà tan iná kọ̀ǹpútà kan, kó má tan ti èkejì lórí tábìlì kan náà.

Bí o bá fura sí èyí, ọ̀nà kan wà láti mọ̀ láìní irinṣẹ́ kankan. Lórí Wíńdòsì, wọ inú ètò káàdì náà, wá `Speed & Duplex`, kí o yí i sí `100 Mbps Full Duplex`. Lórí Línúsì, àṣẹ yìí máa ní kí káàdì polongo 100 nìkan (fi orúkọ káàdì tìrẹ rọ́pò `eth0`):

```
sudo ethtool -s eth0 advertise 0x008
```

Bí iná bá tàn lójú ẹsẹ̀, ìbejì kan ti já níbì kan lójú ọ̀nà, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ 4 pẹ̀lú 5, aláwọ̀ aró, tàbí 7 pẹ̀lú 8, aláwọ̀ búráùn. Jọ̀wọ́, má fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kó o máa lọ o. Lórí Wíńdòsì pàápàá, bí o bá kàn án ní 100 tipátipá, súwíìṣì tó ń retí ìjíròrò á rò pé ẹ̀yà àtijọ́ ló ń bá sọ̀rọ̀, òun á máa sọ̀rọ̀ tàbí kó gbọ́, kò ní ṣe méjèèjì pọ̀, nígbà tí ìwọ ń sọ̀rọ̀, tí o sì ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Iná á máa tàn, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì á máa wọ́ bí ìgbín. Dá a padà sí `Auto Negotiation`, kí o lọ wá wáyà tó já.

Tẹ́sítà kébù máa dá ọ lóhùn kíákíá ju ìyẹn lọ. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ní apá méjì: o máa ki orí kébù kan bọ ẹ̀rọ ńlá, orí kejì bọ ẹ̀rọ kékeré, iná á máa tàn láti 1 dé 8 ní títẹ̀léra lójú àwọn méjèèjì. Nọ́ńbà tí kò bá tàn lójú ẹ̀rọ kékeré, wáyà rẹ̀ ti já. Bí 1 bá tàn níbí, tí 3 sì tàn lọ́hùn-ún, a jẹ́ pé ẹnìkan to wáyà ní ìlànà T568A ní orí kan, ó to T568B ní orí kejì. Àwọn ẹ̀rọ òde òní máa ń yanjú ìyẹn fúnra wọn, nítorí náà má ṣe lé e kiri bíi pé òun ló pa iná rẹ. Ohun kan ni kí o ṣọ́ra fún: má ki tẹ́sítà bọ kébù tí orí rẹ̀ kejì ṣì wà nínú súwíìṣì. Àwọn súwíìṣì kan ń gbé iná mànàmáná gba inú kébù fún fóònù tàbí kámẹ́rà, wọ́n sì lè jó tẹ́sítà náà.

Ká ní kébù ti yege, iná kò tíì tàn. Ráàkì ló kàn. Mo máa sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: lẹ́yìn ìkẹ́rù, ibí ni mo ti máa ń bá ọ̀rọ̀ jù. Àwọn tó lo ilé náà ṣáájú yín ti tú kébù tiwọn lọ, sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọn kò lò kò so mọ́ ohunkóhun, àkọlé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri sì lè jẹ́ irọ́ funfun báláú. Ká nọ́ńbà ara sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ, lọ wá nọ́ńbà yẹn lójú pánẹ́ẹ̀lì. Bí kò bá sí kébù níwájú rẹ̀, so ó mọ́ pọ́ọ̀tù súwíìṣì tó ṣófo, ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ ti parí. Bí kébù bá wà níbẹ̀, tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọwọ́ láti orí dé ìdí. Mo ní ọwọ́, kì í ṣe ojú, torí kébù ọgbọ̀n tí wọ́n dì pọ̀ bí ìtí igi máa ń tan ojú jẹ. Mo ti rí èyí tí orí rẹ̀ méjèèjì wà nínú pánẹ́ẹ̀lì kan náà.

Jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tó ṣojú mi fún ọ, torí ó jọ tìrẹ. Ọ́fíìsì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ ilé alájà méjì, tábìlì obìnrin olùṣírò owó wọn ni iná kò ti tàn. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri rẹ̀ kọ 14. Mo dé ráàkì, mo bá 14 lójú pánẹ́ẹ̀lì, kébù wà níwájú rẹ̀, ó lọ tààrà sí súwíìṣì. Gbogbo rẹ̀ dára lójú. Mo pààrọ̀ kébù kúkurú méjèèjì, ibì kan náà la wà. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni mo rí i pé pánẹ́ẹ̀lì méjì ló wà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀ súwíìṣì, wọ́n sì kọ 1 dé 24 sí ara àwọn méjèèjì. 14 méjì!

Mo gbé ẹ̀rọ adún mi jáde. Ẹ̀rọ yìí máa ń rán ohùn kan sínú wáyà láti ara sọ́kẹ́ẹ̀tì, èèyàn á wá mú ọ̀pá rẹ̀ lọ sí ráàkì, á máa fi kan ihò kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá ké jù ni wáyà ń bẹ. 14 òkè dákẹ́. 14 ìsàlẹ̀ ké fíìn. Mo ṣí kébù kúrò ní òkè wá sí ìsàlẹ̀, inú mi ti dùn, mo pariwo pé kí obìnrin náà wò ó. Ó ní, «Kò tíì tàn o.»

Níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣìnà nìyẹn. Wọ́n á ní ohun tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe kò tọ̀nà, wọ́n á dá kébù padà sí ibi àtijọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wá kiri. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ adún ti jẹ́rìí, ọ̀nà ti tọ́. Àṣìṣe kejì ló wà lẹ́yìn àkọ́kọ́. Mo yọ kébù kúrò ní súwíìṣì àti ní kọ̀ǹpútà, mo ki tẹ́sítà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo ki ẹ̀rọ kékeré bọ 14 ìsàlẹ̀. Ó ka 1, 2, 3, 4, 5, ó fo 6, ó ka 7 àti 8. Wáyà ẹsẹ̀ 6 nìkan. Ìlànà B ni wọ́n fi to ilé náà, nítorí náà 6 ni wáyà aláwọ̀ ewé tó mọ́ lódindi, kì í ṣe èyí tó funfun tó ní ìlà ewé lára. Mo lọ sí ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yìn ihò kọ̀ọ̀kan ní ẹnu irin tóóró mẹ́jọ, bí eyín, tí wọ́n máa ń tẹ wáyà bọ̀ kí eyín náà lè gé awọ rẹ̀ kó sì kan bàbà. Wáyà ewé yẹn kàn jókòó sórí eyín ni, kò wọlé. Ìdì wáyà tó wúwo ló rọ̀ sílẹ̀ láìsí okùn tó dì í mú, ìgbà tí wọ́n sún ráàkì lọ́jọ́ ìkẹ́rù, ìwúwo ìdì yẹn ló fà á jáde.

Mo fi irin ìtẹ-wáyà tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó dún «kàá», ó sì gé ìyókù dànù. Má fi sùkúrúdiráfà ṣe é, ó máa ya ẹnu eyín náà, kò sì ní di wáyà mú mọ́. Bí o bá máa tú lílọ́ wáyà kí o tó tẹ̀ ẹ́, má jẹ́ kí ibi tí o tú ju mìlímítà 13 lọ. Lílọ́ yẹn ló ń dáàbò bo àmì inú rẹ̀ lọ́wọ́ ariwo ìbejì ẹ̀gbẹ́. Tẹ́sítà ka 1 dé 8 lẹ́yìn náà, mo dá àwọn kébù padà, iná tàn. Mo tún fi okùn di ìdì wáyà náà mọ́ ara ráàkì, kó má baà tún wúwo lé e.

Bí o kò bá ní ẹ̀rọ adún, ọ̀nà àgbẹ̀ wà. Jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tó ń tàn wà ní ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹnìkan jókòó tì í pẹ̀lú fóònù létí. Ìwọ, nínú ráàkì, mú kébù tó dájú láti pọ́ọ̀tù súwíìṣì tó dájú, kí o máa ki orí rẹ̀ bọ àwọn ihò pánẹ́ẹ̀lì tó ṣófo lọ́kọ̀ọ̀kan. Dúró fún bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí ìjíròrò wọn kì í ṣe ojú ẹsẹ̀. Èyí tí ẹni yẹn bá ti pariwo pé ó tàn, òun ni. Àwọn ihò tó ti ní kébù, má fọwọ́ kàn wọ́n, o ò mọ iṣẹ́ ẹni tí wàá dá dúró.

Ó ku pọ́ọ̀tù súwíìṣì. Èyí kò ní ju ìdánwò kan lọ: gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká kan wá sí ìdí ráàkì, yọ kébù tó ti pánẹ́ẹ̀lì wá, kí o so kọ̀ǹpútà náà tààrà mọ́ pọ́ọ̀tù yẹn gan-an pẹ̀lú kébù tó dájú. Kò sí ògiri, kò sí pánẹ́ẹ̀lì láàárín mọ́. Bí iná bá tàn, pọ́ọ̀tù kò lẹ́bi, padà sí wáyà ògiri. Bí kò bá tàn, tún kébù kan náà kì bọ pọ́ọ̀tù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tí ibẹ̀ bá tàn, pọ́ọ̀tù àkọ́kọ́ ló ní nǹkan nínú. Bí súwíìṣì yín bá jẹ́ èyí tí a kì í wọlé sí, tí kò ní ètò kankan, pọ́ọ̀tù náà ti kú nìyẹn. Lẹ téèpù pupa mọ́ ọn kí ẹlòmíràn má baà lọ lo ọ̀sán rẹ̀ kan lórí rẹ̀, kí o sì lo òmíràn.

Bí ó bá jẹ́ èyí tí a ń wọlé sí, má tíì sọ pé ó kú. Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Lórí súwíìṣì Sísíkò, àṣẹ náà nìyí:

```
show interfaces status
```

Wo ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ `Status` ní ìlà pọ́ọ̀tù rẹ. `notconnect` túmọ̀ sí pé pọ́ọ̀tù wà ní ṣíṣí, kò gbọ́ ẹnikẹ́ni, wáyà ni kí o lọ yẹ̀ wò. `disabled` túmọ̀ sí pé èèyàn ló fọwọ́ pa á, ọ̀pọ̀ olùtọ́jú súwíìṣì ló sì máa ń pa gbogbo pọ́ọ̀tù tí wọn kò lò. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Ní kí olùtọ́jú náà ṣí i fún ọ. Èyí tó ṣòro díẹ̀ ni `err-disabled`: súwíìṣì fúnra rẹ̀ ló pa á nítorí ohun kan bí i nínú. Béèrè ohun náà:

```
show interfaces status err-disabled
```

Bí ẹ bá kó súwíìṣì yín láti ọ́fíìsì àtijọ́ wá, fi ọkàn sí `psecure-violation`. Àwọn olùtọ́jú kan máa ń ní kí pọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan há àdírẹ́sì káàdì tó kọ́kọ́ rí sórí, kó má sì gba àlejò. Kọ̀ǹpútà rẹ ti wà lórí pọ́ọ̀tù 3 fún ọdún méjì, àdírẹ́sì rẹ̀ ti wọ ìwé níbẹ̀. Nínú ilé tuntun, ẹ wá so ó mọ́ pọ́ọ̀tù 14. Súwíìṣì rí àdírẹ́sì ọmọ 3 ní ẹnu ọ̀nà 14, ó ní olè dé, ó tilẹ̀kùn. Ẹni tó kọ́kọ́ ki kébù náà ni ì bá rí àmì rẹ̀: iná tàn fẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì, ó kú. Láti ìgbà náà lọ, ẹnikẹ́ni tó bá dé ibẹ̀, òkùnkùn ló máa bá, á sì rò pé kò tàn rí.

Pípa àti ṣíṣí pọ́ọ̀tù, ìyẹn `shutdown` lẹ́yìn náà `no shutdown`, á mú iná padà, ṣùgbọ́n bí kọ̀ǹpútà bá ti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, á tún ti. Àdírẹ́sì àtijọ́ lẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa rẹ́ lórí pọ́ọ̀tù 3:

```
clear port-security sticky interface Gi1/0/3
interface Gi1/0/14
 shutdown
 no shutdown
```

Ìlà àkọ́kọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó wọ `configure terminal`. Mẹ́ta yòókù, inú rẹ̀ ni. Jẹ́ kí ẹni tó ń tọ́jú súwíìṣì yín ṣe é, tàbí kó mọ̀ sí i. Ìlẹ̀kùn tó tì yẹn, òun ló ní kó máa tì.

Bí iná bá ti tàn, tún tẹ `Get-NetAdapter` lẹ́ẹ̀kan sí i, kí o wo `LinkSpeed`. Lórí súwíìṣì onígígábíìtì, `1 Gbps` ló yẹ kó kọ. Bí ó bá kọ `100 Mbps`, káàdì rẹ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó gbọ́n ni, ó ti já ara rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìbejì kan ṣì wà ní jíjá. Gbé tẹ́sítà padà síbẹ̀, kí o wo 4, 5, 7 àti 8.